Àdúrà kúkúrú fún ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun: bí a ṣe ń tọrọ èrè tó mọ́ àti oníbàárà rere

Ní Ìbàdàn, ó ṣòro kí ènìyàn ṣí ṣọ́ọ̀bù láì gbàdúrà. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági, ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, ẹni tó gbé tábìlì kan ṣoṣo síwájú ilé ní Bẹẹrẹ, gbogbo wọn ló máa ń pe ènìyàn díẹ̀ jọ kí wọ́n tó ta àkọ́tà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àdúrà wọ̀nyí kò mọ irú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń gbà á sí. Ẹ gbé e kúrò níbi ìrẹsì, ẹ gbé e lọ síbi ìkómọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ máa yí padà. Ọ̀tá ni wọ́n máa fi èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà lé, owó tabua ni wọ́n máa tọrọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ kóńgò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní dárúkọ ẹni tó ń bọ̀ wá ra ọjà.

Àdúrà tí mo fẹ́ tọ́ yín sọ́nà sí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ohun méjì ló ń tọrọ: èrè tí kò ní màgòmágó nínú, àti oníbàárà tó ń ṣe déédéé. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo fi ń kọ irú rẹ̀: gbogbo ohun tí ẹ bá tọrọ, kí ohun kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí ẹ lè fọwọ́ kàn nígbà tí ẹ bá ń tọrọ rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí ọwọ́ lè kàn, gbólóhùn yẹn lè dúró de ọjọ́ mìíràn.

Kí ó má bàa dà bíi pé mò ń sọ̀rọ̀ lókè lókè, ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù ìyàwó wa ṣe é, ìyẹn aya àbúrò mi. Ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn kan ni, ní Apẹtẹ, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì pọ̀ sí. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ló ń tà, Bódìjà ló sì ti ń ra àpò. Mùsùlùmí ni wá nílé tiwa, Onítẹ̀bọmi sì ni wọ́n nílé tiwọn. Àdúrà tó máa gbà á, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìdílé méjèèjì lè ṣe àmín sí láì wo ojú ara wọn.

Ẹ tún òṣùwọ̀n ṣe ná

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò sí lórí bébà, inú kóńgò ló wà. Kò bójú mu kí ènìyàn dúró níwájú Ọlọ́run tọrọ èrè òtítọ́ nígbà tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ti wọ́. Ẹ mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe sí kóńgò nínú ọjà: wọ́n á fi òòlù tẹ ìdí rẹ̀ wọlé, wọ́n á fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, tàbí kí wọ́n yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè ga sókè nínú. Ẹni tó ra kóńgò àlòkù lè má mọ̀ pé wọ́n ti ṣe irú èyí sí i. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: ẹ yá kóńgò tuntun tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, kí ẹ wá da omi náà sínú tiyín. Bí omi bá ṣàn dànù kí ti àkọ́kọ́ tó tán, kóńgò yín kéré, ẹ má lò ó. Ẹ nu èyí tó pé gbẹ dáadáa kí ó tó kan ìrẹsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò èrè yín kí ẹ tó tọrọ rẹ̀. Ká ní àpò ìrẹsì kan jẹ́ 70,000 náírà, owó ọkọ̀ àti ti alábàárù sì jẹ́ 2,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72,000. Ìyàwó wa wọn àpò náà fúnra rẹ̀ sínú bàsíà, ó bá kóńgò 32 níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kóńgò kan dúró lé e lórí ní 2,250 náírà. Bí ó bá tà á ní 2,400, ó jèrè 150 lórí kóńgò kan, 4,800 lórí odindi àpò. Iye owó wọ̀nyí, àpẹẹrẹ ni, ẹ fi ti ọjọ́ tí ẹ wà rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá sì ń fi ẹ̀ènì sí i fún àwọn ènìyàn, àpò náà lè má ju kóńgò 31 lọ, iye tí kóńgò kan dúró lé e lórí á sì kọjá 2,300. Kí ó ṣírò ẹ̀ènì mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí inú má bàa máa bí i sí ẹni tó bá bèèrè rẹ̀.

Ẹ wá wo kóńgò tí wọ́n tẹ̀ ní ìdí. Àpò kan náà, ó lè wọn 34. Kóńgò méjì tó lé yẹn, 4,800 náírà ni wọ́n máa mú wá, iye kan náà pẹ̀lú gbogbo èrè tó tọ́ sí i. Òǹtàjà náà á rò pé èrè òun ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ti àwọn tó wá rajà. Ìdí rèé tí mo fi máa ń ní kí wọ́n dárúkọ kóńgò nínú àdúrà, kí wọ́n sì gbé e lọ́wọ́ sókè níṣojú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé wọ́n á máa wo ìdí kóńgò náà.

Ẹ jókòó, kí ẹ ro ẹni tó ń bọ̀

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ó máa wá sẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, ibo ni èmi ti lè rẹ́ ẹ jẹ, ibo ni òun náà ti lè rẹ́ mi jẹ? Ẹ má kánjú níbi ìbéèrè yìí, nítorí inú ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo àdúrà náà ti máa jáde.

Ìyàwó wa sọ fún mi pé àwọn ọmọdé tí ìyá wọn rán níṣẹ́ ló máa pọ̀ jù lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọmọdé kò mọ ìgbà tí kóńgò kò kún. Ó tún ní ẹ̀wà lè gba omi díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àpò nígbà òjò, ó sì rọrùn kí ènìyàn fi èyí tó gbẹ bo orí rẹ̀. Ibi méjèèjì yìí ni òun ti lè ṣe àìdáa.

Ní ti àwọn tó ń rajà, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa gba àwìn títí owó á fi dé láti ilé, àwọn mìíràn á sì kó kúrò ní yàrá wọn láì san. Ó ní ẹlòmíràn á ní òun ti ṣe tíráńsífà, á fi àlẹ́ẹ̀tì hàn yín lórí fóònù tirẹ̀, owó kò sì ní wọlé. Ó tún dárúkọ àwọn tó máa ná ọjà tán, tí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìná mìíràn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó ń ta aṣọ, ti ọ̀pá ìwọ̀n àti aṣọ tó ń ṣí àwọ̀ ló máa bá ara rẹ̀ sọ. Ẹni tó ń ta oògùn, ti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Ẹ má ṣe yá ìbẹ̀rù ẹlòmíràn.

Bí a ṣe ń tò ó

Àdúrà tí wọ́n ń ṣe àmín sí ní ìlànà tirẹ̀. Gbólóhùn kan, ẹ̀bẹ̀ kan, àmín kan. Bí ẹ bá kó ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta sínú gbólóhùn gígùn kan, àwọn kan á ti ṣe àmín kí ẹ tó parí, àwọn mìíràn á dákẹ́, ohùn á sì túká. Ọpẹ́ ló ń ṣíwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọwọ́ ara ẹni, ìyẹn ohun tí ẹ fẹ́ kí Ọlọ́run ṣọ́ lára yín. Oníbàárà ló tẹ̀ lé e, àwọn ará ọjà ló kẹ́yìn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ òǹtàjà ṣíwájú oníbàárà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún oníbàárà olóòótọ́ láì tíì mẹ́nu ba òótọ́ tirẹ̀, ẹ̀sùn ló ń kà sí wọn lẹ́sẹ̀ yẹn.

Ní ti orúkọ tí ẹ máa pe Ọlọ́run, ẹ yan èyí tí gbogbo ẹni tó dúró lè dáhùn sí. “Ọlọ́run Ọba” àti “Ẹlẹ́dàá wa” kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àmín sì jẹ́ ti ilé méjèèjì. Bí ilé yín bá jẹ́ ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo, ẹ pè é bí ẹ ṣe ń pè é nílé.

Èyí ni àdúrà tí a kọ fún ṣọ́ọ̀bù Apẹtẹ:

Ọlọ́run Ọba, Ẹlẹ́dàá wa, a dúpẹ́ tí o jẹ́ ká rí òní. *Àmín.*

A dúpẹ́ fún ojú owó tí a fi ra ọjà yìí, àti fún gbogbo ẹni tó bá wa dá a. Bá wa san án fún wọn. *Àmín.*

Kóńgò tó wà lọ́wọ́ mi yìí, má ṣe jẹ́ kí n fi rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. *Àmín.*

Bí ó ṣe máa kún fún àgbà tó dúró tì í, bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa kún fún ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́. *Àmín.*

Ohun tó wà lókè àpò mi, jẹ́ kí ó bá ti ìsàlẹ̀ mu. *Àmín.*

Èrè tó tọ́ sí mi, jẹ́ kí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, kí n fi sanwó ilé, kí n fi tọ́ ọmọ, kí n má sì jẹ ojú owó. *Àmín.*

Èyí tí kò tọ́ sí mi, bí ẹni tó ni ín bá tiẹ̀ gbàgbé rẹ̀, fún mi lọ́kàn láti dá a padà. *Àmín.*

Rán oníbàárà rere sí mi, ẹni tó máa ná ọjà tẹ̀rín tẹ̀rín, tó máa san owó tó pé, tó sì máa padà wá. *Àmín.*

Ẹni tó bá gba àwìn lọ́wọ́ mi, jẹ́ kí ó rí owó san. Kí èmi náà rí ohùn pẹ̀lẹ́ fi bèèrè. *Àmín.*

Ẹni tó bá mú owó ayédèrú tàbí àlẹ́ẹ̀tì irọ́ wá, jẹ́ kí ojú mi rí i kí ó tó kúrò níwájú mi. *Àmín.*

Àwọn tí mo bá lọ́jà níbí, jẹ́ kí ọjà wọn tà, kí tèmi náà tà. *Àmín.*

Má jẹ́ kí iná, olè, eku tàbí kòkòrò mọ ọ̀nà ibí. *Àmín.*

Ajé á wọ igbá o. *Àmín.*

Ẹ kà á sókè nílé kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹnìkan máa bá yín ṣe àmín. Ibi tí ẹni tó ń ṣe àmín bá ti kọsẹ̀, gbólóhùn ibẹ̀ ti gùn jù, ẹ gé e. Ibi tí ẹ̀yin fúnra yín bá ti ń sáré, tí ẹnu ń tì yín láti sọ ọ́ ketekete, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ ro ó dáadáa. Ìyàwó wa sáré kọjá ibi “fún mi lọ́kàn láti dá a padà.” Mo bi í bóyá kí a yọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí a fi í sílẹ̀, pé ibẹ̀ gan-an ló le fún òun.

Ohun tí mo yọ kúrò

Àwọn mọ̀lẹ́bí mú ẹ̀bẹ̀ tiwọn náà wá, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹnìkan fẹ́ kí a tọrọ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé má lè ná ọjà, kí ó kàn máa san iye tí wọ́n bá pè. Mo ní rárá. Ìná jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ń rajà, bí pípe owó ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ń tà. Bí ẹ bá tọrọ pé kí ẹnu ẹnìkan kú lórí owó tirẹ̀, ẹ kò tọrọ oníbàárà mọ́, ẹran ọdẹ lẹ tọrọ. Ẹlòmíràn fẹ́ kí ọjà àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Èyí lòdì sí gbogbo ohun tó kù nínú àdúrà náà, ó sì tún lòdì sí làákàyè, nítorí ọ̀dọ̀ aládùúgbò ẹni la ti ń lọ ṣẹ́ owó, òun ló ń bá ni wo ṣọ́ọ̀bù bí a bá sáré lọ sílé. Mo ní kí wọ́n pe àwọn òǹtàjà méjèèjì tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì wá síbi àdúrà náà. Lójú wọn ni a fẹ́ kí ó sọ ọ́ pé kí ọjà wọn tà.

Ọ̀rọ̀ àwọ́rò náà jẹ yọ, ó sì máa ń jẹ yọ nílé púpọ̀. Àwọ́rò ń fa èrò wá, ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Àdúrà yìí kò bèèrè pé kí èrò wọ́ wá láì mọ ohun tó gbé wọn wá. Ó ń bèèrè pé kí ẹni tó nílò ìrẹsì wá ra ìrẹsì, kí ó sì bá a ní pípé. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ́rò, kí ó mọ̀ pé àdúrà yìí kọ́ ni.

Ní ti ọ̀tá, mi ò fi gbólóhùn kankan sí i. Gbólóhùn nípa iná, olè, eku àti kòkòrò ti gba ibẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì ni wọ́n ń ba ọjà oúnjẹ jẹ́ lóòótọ́.

Ohun tí Alfa àti Pásítọ̀ lè kà

Àdúrà òǹtàjà gan-an ni òpó ilé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹ̀sìn máa fẹ́ sọ tiwọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tí ẹ fẹ́: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, òótọ́ nínú òṣùwọ̀n la fẹ́ kí ẹ bá wa fi ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyàwó kọ́kọ́ ka tirẹ̀.” Mi ò tíì rí àgbà tó kọ̀ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ báyìí ṣáájú. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí a dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́wọ́ Alfa, ìbẹ̀rẹ̀ Súrà 83, Al-Mutọfifin, bá iṣẹ́ yìí mu rẹ́gí. Ó kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbà á ní kíkún nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà tí àwọn bá ń wọ̀n ọ́n fún ènìyàn. Ìtàn kan tún wà nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá: Ànábì kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Olóúnjẹ ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì ní ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Inú ìtàn yìí ni mo ti mú gbólóhùn “ohun tó wà lókè àpò” jáde. Hádíìsì tí Bukhari gbà wá tún tọrọ àánú Ọlọ́run fún ẹni tó rọrùn nígbà tó bá ń tà, nígbà tó bá ń rà, àti nígbà tó bá ń bèèrè ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Òǹtàjà, oníbàárà àti ẹni tó ń sin àwìn, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

Lọ́wọ́ Pásítọ̀, ìwé Òwe orí 11 ẹsẹ 1 ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti sọ pé ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa. Lẹ́yìn rẹ̀, Lúùkù orí 6 ẹsẹ 38, tó sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n dáradára, àkìmọ́lẹ̀, àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀. Níbi ọrẹ ni a ti máa ń gbọ́ ẹsẹ yìí jù, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ṣe jọ ohùn ẹni tó dúró ti kóńgò ní Bódìjà, tó ń ní kí wọ́n mì í kí ó lè jókòó. Ẹsẹ náà sì parí sí i pé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ni a ó fi wọ̀n ọ́n padà fún wa. Sámù 90 ẹsẹ 17, tó bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run fìdí iṣẹ́ ọwọ́ wa múlẹ̀, ló dára láti fi kádìí rẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí ìhà kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọjọ́ náà

Ẹ yan òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ariwo ọkọ̀ tó gba títì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn ọjọ́ Ajé. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Jímọ̀ lọ́sàn-án àti àárọ̀ Sunday bí ẹ bá fẹ́ kí ìdílé méjèèjì wà níbẹ̀. Ẹ ti sọ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta irú ọjà yín ṣáájú, kí ó má jẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí yín. Ọjà ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, àpò kan ó kéré tán ti gbọ́dọ̀ ṣí, nítorí àdúrà yìí ń tọ́ka sí nǹkan. Bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bá ṣófo, “kóńgò tó wà lọ́wọ́ mi yìí” kò ní ibi tó máa bà lé.

Òǹtàjà á dúró nídìí àpò tó ṣí, kóńgò á wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn á wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kí àgbà, tí wọ́n sì ti gba àyè lọ́wọ́ wọn, kí ó ka àdúrà rẹ̀. Kí Alfa àti Pásítọ̀ tẹ̀ lé e, ẹni tó bá dàgbà jù ni kí ó ṣíwájú. Lẹ́yìn wọn ni àgbà ìdílé á wá wúre.

Bí àwọn àgbà bá fẹ́ fi oyin, iyọ̀, obì tàbí omi wúre, kí wọ́n gbé e sínú àwo lórí tábìlì, jìnnà sí ọjà. Ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, ibí ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Omi tí wọ́n bá wọ́n sórí àpò máa ń mú ìrẹsì àti ẹ̀wà hu. Òróró àdúrà tí wọ́n bá fi pa àpò máa ń wọnú rẹ̀, ó sì máa ń rùn. Ara àtẹ́rígbà ni kí wọ́n fi òróró sí, ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n wọ́n omi sí. Àbẹ́là àti tùràrí, ìta ni ààyè wọn, nítorí àpò ọ̀rá kì í pẹ́ gbiná.

Kí ẹ má gbé oúnjẹ wá kí àdúrà tó parí. Tí ọwọ́ bá ti kan abọ́, kò sẹ́ni tó tún ń ṣe àmín.

Àkọ́tà, àti lẹ́yìn rẹ̀

Àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń fẹ́ ra àkọ́tà ní owó gọbọi láti fi ṣe oore. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni pé kí wọ́n san iye tí ọjà jẹ́ gan-an, kí òǹtàjà wọ̀n ọ́n ní kíkún, kí ó sì fún wọn ní ṣéńjì. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn, kí wọ́n fún un lọ́tọ̀, kí ó má bàa dà pọ̀ mọ́ owó ọjà. A kì í ta àwìn ní àkọ́tà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìyá ẹni ló wá rà á. Ní Apẹtẹ, ọmọ aládùúgbò kan tí ìyá rẹ̀ rán ló ra àkọ́tà, kóńgò gàrí kan. Gbogbo wa la dúró wò ó bí ó ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Bébà àdúrà náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé tí ẹ ń kọ àwìn sí. Ibẹ̀ ló ti wúlò jù. Kí ẹ tó lọ sin owó lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ ka gbólóhùn ohùn pẹ̀lẹ́ ná. Bí ẹnìkan bá fi àlẹ́ẹ̀tì hàn yín, ẹ yẹ àkáǹtì tiyín wò kí ẹ tó gbé ọjà fún un. Ẹ ti tọrọ pé kí ojú yín rí i, ẹ jẹ́ kí ojú náà wò ó. Bí ẹni tó fi àwìn lọ kò bá padà, ẹ má ṣe yí kóńgò kéré fún àwọn tó kù láti fi dí i. Ẹ dín àwìn kù, tàbí kí ẹ ṣírò owó ọjà yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì pe iye tuntun náà ní gbangba.

Bí òṣù bá parí, ẹ ṣe ìṣirò. Bí èrè bá kéré sí iye tí ẹ ti ṣírò sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí eku wà, ibi tí àwìn pọ̀ sí, tàbí bóyá àpò tí ẹ rà kò wọn 32 mọ́. Bí ó bá ju ìṣirò yín lọ láì jẹ́ pé owó ọjà yí padà, ẹ tún fi omi wọn kóńgò náà.

Nígbà tí ẹ bá ra kóńgò tuntun tàbí tí ẹ bá gba ọmọ iṣẹ́, ẹ tún àdúrà náà kà, ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ náà, kí kóńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kà á. Ẹ yí “mi” sí “wa.” Kò nílò àlejò.